Nígbà tí àpilẹ̀kọ mẹ́ta ń du gbólóhùn kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́

Ohun tó kọ́kọ́ jẹ́ kí n fura ni pé àdírẹ́ẹ̀sì tí Google ń gbé jáde fún gbólóhùn "how to make moi moi" kò dúró sójú kan. Lọ́sẹ̀ yìí, àpilẹ̀kọ kan ni. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òmíràn láti inú búlọ́ọ̀gì kan náà ti gba ipò rẹ̀. Kò sì sí èyí tó wọ ojú-ìwé àkọ́kọ́ nínú wọn. Búlọ́ọ̀gì oúnjẹ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn ni mo ń sọ, èyí tí mo ń bá a tọ́jú. Òun ló ń sebẹ̀ tó sì ń kọ̀wé, èmi ni mo ń rí sí bí àwọn ènìyàn ṣe ń rí i. Kì í ṣe òun nìkan ló ti kọ síbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan kọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù náà kọ, kálukú sì kọ nípa mọ́ínmọ́ín nígbà tó bá wù ú.

Bí mo ṣe kó wọn jọ, márùn-ún ni mo bá: `/moi-moi-recipe/`, `/how-to-make-moin-moin/`, `/soft-moi-moi/`, `/moi-moi-elemi-meje/` àti `/how-to-wrap-moi-moi-leaves/`. Ẹni tó kọ èkejì gbà pé nítorí pé àwọn kan ń kọ "moin moin", tí àwọn mìíràn ń kọ "moi moi", ó yẹ kí ọ̀nà ìkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní ojú-ìwé tirẹ̀. Bóyá ìmọ̀ràn yẹn wúlò láyé àtijọ́. Lónìí, Google mọ̀ pé oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń wá, ó sì ń kó ìdáhùn kan náà fún àwọn méjèèjì.

Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe yìí máa ń sọ pé irú àwọn àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà le, ó sì máa ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn rò pé Google ń fìyà jẹ ẹni tó bá kọ̀wé púpọ̀ lórí nǹkan kan. Kò sí ìyà kankan níbẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ dà bí ìgbà tí ọmọ ìyá mẹ́ta bá gbé mọ́ínmọ́ín lọ sí ibùdókọ̀ kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń pe èrò kan náà. Oníbàárà mélòó kan á ra ti àkọ́bí, mélòó kan á ra ti àbíkẹ́yìn, kò sì sí èyí tí òkìkí rẹ̀ máa kàn láàárín wọn. Bákan náà ni líǹkì tí àwọn ará ìta bá fún búlọ́ọ̀gì náà ṣe ń pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Líǹkì tí a fi so àwọn àpilẹ̀kọ wa mọ́ra wọn náà pín, nítorí àpilẹ̀kọ ẹ̀kọ tọ́ka sí ọ̀kan, ti àkàrà tọ́ka sí èkejì. Láti oṣù kẹfà ọdún 2019 sì ni Google ti sọ ní gbangba pé òun kì í sábà fi ju ojú-ìwé méjì láti ibi kan hàn láàárín àwọn èsì tó wà lókè. Nítorí náà, kíkọ ẹ̀kẹta kò lè fi àyè kún àyè tí a ní.

Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí. Mo ṣí Google Search Console, irinṣẹ́ tí Google fi ń sọ fún ẹni tó ni ojú-ìwé bí àwọn ènìyàn ṣe ń rí i, mo wọ Performance, mo fa àsìkò rẹ̀ dé oṣù 16, èyí tó jẹ́ òpin ohun tó ń fi pamọ́, lẹ́yìn náà mo fi Query ṣe asẹ́. Níbi tó ti ní kí n yan irú asẹ́ tí mo fẹ́, mo mú Custom (regex), nítorí bí mo bá mú gbólóhùn kan ṣoṣo, gbogbo àwọn tó kọ ọ́ lọ́nà mìíràn á bọ́ sọnù. Ohun tí mo tẹ̀ síbẹ̀ nìyí:

```
mo(i|in) ?mo(i|in)
```

Ìlà kékeré yìí ń mú "moi moi", "moimoi", "moin moin" àti "moinmoin" lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń fi àmì ohùn sí i kéré débi pé mi ò da ara mi láàmú lórí wọn. Lẹ́yìn èyí, mo tẹ Pages nísàlẹ̀, gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì tó ti jáde fún ìwákiri mọ́ínmọ́ín sì tò sílẹ̀ níwájú mi. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sún mọ́ ara wọn ní iye ìgbà tí wọ́n fi hàn, ipò wọn sì wà láàárín ìkẹtàlá sí ìkejìlélógún. Nǹkan kan tí n kò retí tún wà láàárín wọn: `/tag/moi-moi/`, ojú-ìwé tí WordPress fúnra rẹ̀ ń ṣe fún táàgì, tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀ ju àkọlé àwọn àpilẹ̀kọ yòókù lọ.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbójú fò. Iye Impressions, ìyẹn iye ìgbà tí a fi hàn, tó wà lórí àwòrán lókè àti àpapọ̀ èyí tó wà nínú tábìlì nísàlẹ̀ lè ṣàì bára mu. Èyí tó wà lókè ń ka gbogbo búlọ́ọ̀gì sí ẹyọ kan: bí ojú-ìwé méjì bá jáde nínú èsì kan náà, ẹ̀ẹ̀kan ló máa kà á. Tábìlì Pages ń ka ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Nítorí náà, bí àpapọ̀ ìsàlẹ̀ bá ga ju ti òkè lọ dáadáa, a jẹ́ pé àwọn àpilẹ̀kọ náà ń jáde pọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, a jẹ́ pé wọ́n ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn. Ti mọ́ínmọ́ín fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Mo tún fi Compare gbé méjì nínú wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìlà méjèèjì sì ṣe kedere: bí ọ̀kan bá ń gòkè, èkejì á máa sọ̀kalẹ̀.

Àmì yẹn gan-an ni mo máa ń wá. Kí ojú-ìwé méjì jáde fún gbólóhùn kan kò tíì burú. Bí ọ̀kan bá wà ní ipò kẹta, tí èkejì wà ní ìkẹrin, ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni kí àwọn tó jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè kan náà máa pààrọ̀ ara wọn ní ibi tí ẹnikẹ́ni kì í wò dé.

Ìbéèrè tó kàn ni èyí tó gba àkókò mi jù: èwo nínú márààrún ló jẹ́ ìdáhùn sí ohun kan náà? Àkọlé kò lè sọ ìyẹn. Mo tẹ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wo Queries tirẹ̀, mo sì kó gbogbo rẹ̀ sínú tábìlì kan. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ní gbólóhùn kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ látòkè délẹ̀. Ti ẹlẹ́mìí méje yàtọ̀ pátápátá. Àwọn tó ń bá a pàdé ń tẹ "moi moi elemi meje" tàbí "what are the seven lives in moi moi". Wọ́n ti mọ mọ́ínmọ́ín í sè. Ẹyin, ẹja, kọ́ọ̀nbíìfù, edé àti mùdùnmúdùn tó máa wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Ti ewé náà dá dúró. Ẹni tó wá a ti ra ewé, ó dúró síwájú tábìlì ìdáná, ó sì fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń ká a tí kò fi ní jò. Bí mo bá kó àwọn méjì yìí pọ̀ mọ́ àwọn yòókù nítorí pé "mọ́ínmọ́ín" wà lórí gbogbo wọn, àwọn tí ń bọ̀ níbẹ̀ ni mo máa lé dànù.

Lẹ́yìn náà, mo tẹ gbólóhùn náà sí Google fúnra mi, láìwọlé pẹ̀lú àkáǹtì mi, kí n lè rí irú ohun tó ń fi síwájú. Ìlànà sísè ló kún ibẹ̀, pẹ̀lú àwòrán àti fídíò. Fún ti ewé, fídíò ló ṣíwájú. Ìyẹn náà fi hàn pé Google kò ka àwọn méjèèjì sí ìbéèrè kan.

Ó wá ku kí a yan èyí tí yóò gba àwọn méjì mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kó jẹ́ `/moi-moi-recipe/`, nítorí pé òun ló kọ ọ́, òun ló sì kún jù. Òótọ́ ni pé ó kún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo Links nínú Search Console, `/how-to-make-moin-moin/` ni àwọn búlọ́ọ̀gì mìíràn tọ́ka sí jù, ó sì ti pẹ́ jù wọ́n lọ. Mo wá ṣàlàyé fún un pé àdírẹ́ẹ̀sì àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà. A lè mú àdírẹ́ẹ̀sì tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kí a sì fi ọ̀rọ̀ tó dára jù sínú rẹ̀.

"Àbúrò mi," ó ní, "ṣé gbogbo làálàá tí mo ṣe lórí èyí la máa dà nù báyìí?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. A ò ní da ìkankan nù. Ojú kan la máa kó gbogbo rẹ̀ jọ sí, orúkọ yín náà ló sì máa wà lórí rẹ̀."

Èyí ló bọ́ sí apá tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, tí àwọn tó ń yára máa ń fò. Ọ̀pọ̀ ló ń darí àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ sí tuntun, tí wọn kò sì mú ohunkóhun tó wà nínú ti àtijọ́ dání. Ẹni tó ń wá ohun tó wà níbẹ̀ á dé, kò ní bá a, á sì padà. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo wo gbólóhùn tí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan nìkan ní, tí àwọn yòókù kò ní. `/soft-moi-moi/` kò ní àbẹ̀wò púpọ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ni àwọn tó ń béèrè ìdí tí mọ́ínmọ́ín wọn kò fi dì ń bá pàdé. Ìpínrọ̀ méjì péré ló sọ nípa omi tó pọ̀ jù nínú ẹ̀wà lílọ̀ àti bí a ṣe ń fi omi gbígbóná díẹ̀díẹ̀ pò ó. Ìpínrọ̀ méjì yẹn lọ sínú àpilẹ̀kọ tuntun, pẹ̀lú àkọlé kékeré tirẹ̀.

Kíkó wọn jọ tún tú àṣírí kan. Àpilẹ̀kọ kan sọ pé kí ó wà lórí iná fún ìṣẹ́jú 45, èkejì sọ wákàtí kan. Bí mo bá da méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀, àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo á máa ta ko ara rẹ̀. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi.

"Ike kéékèèké la lò lọ́jọ́ tí a kọ ti ìṣẹ́jú 45," ó dáhùn. "Bí ewé bá kún ìkòkò dé ẹnu, tí wọ́n gun ara wọn lórí, ti ìsàlẹ̀ á ti jinná kí ooru tó dé àárín. Wákàtí kan ni, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀."

A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: àkókò fún ike, àkókò fún ewé, àti bí a ṣe ń fi ọ̀bẹ gún àárín rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti jinná. Kò sí èyí tó sọ ìdí náà nínú àwọn àpilẹ̀kọ mẹ́ta àtijọ́. Àkọlé tuntun náà lo "Moi Moi", a sì lo "moin moin" lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì nínú ọ̀rọ̀ níbi tó ti bá ọ̀rọ̀ mu, láìtún un pè léraléra. Àdírẹ́ẹ̀sì náà dúró bó ṣe wà. N kò yí i padà kí ó lè bá àkọlé dọ́gba, nítorí ìyẹn á tún dá ìdarí mìíràn sílẹ̀ láìnídìí.

Nígbà tí àpilẹ̀kọ tuntun ti wà nílẹ̀, mo wá darí àwọn méjì yòókù. Bí ènìyàn bá kàn ju àpilẹ̀kọ sínú pàǹtírí WordPress, kò sí ìdarí kankan tó máa ṣe fún un. Àwọn líǹkì tó ń bọ̀ níbẹ̀ á já sí òfo. Ìdarí títí láé, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 301, ni mo lò. Lórí sáfà Apache, inú fáìlì `.htaccess` ló ń lọ, lókè àwọn ìlà tí WordPress kọ fúnra rẹ̀:

```
RewriteEngine On
RewriteRule ^moi-moi-recipe/?$ /how-to-make-moin-moin/ [R=301,L]
RewriteRule ^soft-moi-moi/?$ /how-to-make-moin-moin/ [R=301,L]
```

Ẹni tí kò fẹ́ fọwọ́ kan fáìlì yẹn lè lo Redirection, ohun àfikún ọ̀fẹ́ kan fún WordPress. Ibi tí à ń darí sí ló yẹ kí a ṣọ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ojú-ìwé àkọ́kọ́ búlọ́ọ̀gì. Bí ibi tí a darí sí kò bá jọ ohun tó wà ní àtijọ́, Google lè ka ìdarí náà sí ojú-ìwé tí kò sí mọ́, agbára tí àdírẹ́ẹ̀sì náà ti ní á sì ṣòfò.

Àwọn kan á béèrè ìdí tí n kò fi lo `rel="canonical"`, àmì tó ń sọ èyí tó jẹ́ ojúlówó nínú àwọn ojú-ìwé tó jọra, kí àpilẹ̀kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wà síbẹ̀. Láti ọdún 2009 ni àmì yẹn ti wà, fún ojú-ìwé tí ọ̀rọ̀ inú wọn jẹ́ ọ̀kan náà ni wọ́n sì ṣe é. Ìmọ̀ràn lásán ni lójú Google, kì í ṣe àṣẹ. Bí ọ̀rọ̀ inú wọn bá yàtọ̀ bíi ti àwọn tiwa yìí, ó lè fojú fò ó. Èmi gbà pé bí àpilẹ̀kọ kan kò bá ní ohun tí ènìyàn máa kà nínú rẹ̀ tí kò sí níbòmíràn, kò sí ìdí láti fi í sílẹ̀.

Fún ojú-ìwé táàgì, mo fi `noindex`, àmì tó ń sọ fún Google pé kí ó má fi í hàn nínú èsì, sí i dípò kí n pa á rẹ́, nítorí àwọn òǹkàwé wa ṣì ń lò ó láti inú búlọ́ọ̀gì. N kò dí i nínú `robots.txt`, fáìlì tó ń sọ ibi tí Google kò gbọdọ̀ wọ̀. Bí a bá dí i níbẹ̀, Google kò ní lè wọlé láti rí `noindex` náà rárá.

Mo dán ìdarí kọ̀ọ̀kan wò pẹ̀lú àṣẹ yìí:

```
curl -I https://example.com/moi-moi-recipe/
```

Ohun tí mo fẹ́ rí ni 301, àti àdírẹ́ẹ̀sì tó tọ́ níwájú `location`. Lórí `/soft-moi-moi/`, mo rí i pé àdírẹ́ẹ̀sì kan tó ti pẹ́ jù ú lọ ń darí sí i tẹ́lẹ̀. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹni tó bá gba ibẹ̀ á kọ́kọ́ ya ibì kan kí ó tó dé ibi tó ń lọ. Mo tún un ṣe kí ó máa lọ tààrà. Lẹ́yìn náà ni mo wá gbogbo líǹkì inú búlọ́ọ̀gì tó ṣì ń tọ́ka sí àwọn àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́, mo sì yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdarí á gbé wọn débẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n líǹkì tó lọ tààrà ló ń sọ fún Google láìsí iyèméjì pé ojú-ìwé wa lórí mọ́ínmọ́ín nìyí.

Ti ẹlẹ́mìí méje àti ti ewé ni mo fi parí rẹ̀. Àpilẹ̀kọ ẹlẹ́mìí méje bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bí a ṣe ń rẹ ẹ̀wà, bí a ṣe ń bó o, bí a ṣe ń lọ̀ ọ́, kí ó tó kan ohun tí ẹni tó wá a fẹ́. A gé e kúrò, a fi gbólóhùn kan àti líǹkì sí àpilẹ̀kọ ńlá dípò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi ṣe líǹkì náà ṣe pàtàkì: "how to make moi moi" lọ sí ọ̀kan ṣoṣo, "elemi meje" lọ sí èkejì, a kò sì gbé ti ọ̀kan fún èkejì mọ́ níbikíbi.

Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àbẹ̀wò dín kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ń pè mí ní gbogbo ìgbà. Search Console tún ń kó àwọn àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ sábẹ́ "Page with redirect", tó jọ pé nǹkan bàjẹ́ lójú ẹni tí kò mọ̀. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Mo fi URL Inspection wò ó, mo sì rí i níwájú Google-selected canonical pé àdírẹ́ẹ̀sì tuntun ló ti yàn. Nígbà tó yá, ojú-ìwé kan ṣoṣo ló ń jáde fún asẹ́ mọ́ínmọ́ín, ó kúrò ní ojú-ìwé kejì, ó sì dúró sí ìsàlẹ̀ àkọ́kọ́. Kò tíì gòkè jù bẹ́ẹ̀. Àwọn búlọ́ọ̀gì ńlá tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ ló ṣíwájú wa, kíkó àpilẹ̀kọ jọ kò sì lè sọ wá di wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀fọ́ rírò náà, nítorí àpilẹ̀kọ méjì ló wà lórí rẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì sọ fún un pé kí a má ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn ló ń jáde láti oṣù dé oṣù, láìsí pé èkejì gba ipò rẹ̀ rí. Èkejì jẹ́ ti ẹ̀gúsí nínú ẹ̀fọ́, àwọn tó ń wá a sì yàtọ̀. Ìdí tí àkọ́kọ́ fi wà nísàlẹ̀ ni pé kò ní àwòrán kankan, kò sì sọ bí a ṣe ń fún omi ara ẹ̀fọ́ jáde kí ọbẹ̀ má bàa ṣàn. Ìyẹn la ń ṣiṣẹ́ lé lọ́wọ́ báyìí.

Google ní kí a fi ìdarí sílẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán. Èmi kì í yọ ọ́ rárá, nítorí líǹkì tó wà ní búlọ́ọ̀gì ẹlòmíràn kò mọ̀ pé ọdún kan ti pé. Ìgbà tí a bá kó búlọ́ọ̀gì lọ sórí sáfà mìíràn ni mo máa ń ṣọ́ jù: bí sáfà tuntun bá jẹ́ Nginx, kì í ka `.htaccess` rárá, gbogbo ìdarí inú rẹ̀ á sì dákẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Nítorí náà, gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ àti ibi tó yẹ kí ó lọ wà nínú tábìlì kan lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ tí a bá kó ẹrù, mo máa ń fi `curl -I` dán wọn wò tán kí n tó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé a ti dé.